Háàdì àbí SSD: èwo ló yẹ kó tọ́jú fọ́tò àti fídíò ilé wa?

Kásẹ́ẹ̀tì MiniDV 60 ni bàbá wa fi sílẹ̀ nínú àpótí kan ní Ìbàdàn. Ìsọmọlórúkọ wà níbẹ̀, ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ìsìnkú ìyá àgbà àti ọjọ́ tí a ṣí ilé náà wà níbẹ̀. Nígbà tí a rí ẹni tó bá wa kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tán, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Òṣogbo pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká kúkú dá owó jọ ra SSD ńlá kan, ká kó gbogbo ẹ̀ sí i, ká tì í mọ́ inú àpótí, ká gbàgbé ẹ̀."

Ibi tó ti ní "ká gbàgbé ẹ̀" yẹn ni àyà mi ti já. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí èèyàn lè gbé fún SSD, kí wọ́n tì í mọ́ àpótí kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ ni èyí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní kó fún mi lọ́sẹ̀ kan kí n ṣírò rẹ̀. Ìṣirò náà nìyí.

Ẹrù yín tó báwo?

Kí ẹ tó dé ọjà rárá, ẹ mọ iye ohun tí ẹ fẹ́ tọ́jú. MiniDV ń gba bíi 13GB fún wákàtí kan. Kásẹ́ẹ̀tì 60 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí kan á wá jẹ́ 780GB. Fọ́tò tí a kó jọ láti orí fóònù gbogbo ará ilé jẹ́ bíi 48,000. Tí a bá fi 4MB bu ọ̀kọ̀ọ̀kan, 192GB ni. Fídíò orí fóònù ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu: ìṣẹ́jú kan tí iPhone bá gbà ní 4K, ní fírẹ́ẹ̀mù 30 ní ìṣẹ́jú àáyá, ń gba bíi 170MB, ìyẹn bíi 10GB fún wákàtí kan. A ní bíi wákàtí 60 irú rẹ̀, nítorí pé kò sí òde àríyá tí àwọn ọmọ kì í gbé fóònù sókè. Ó tó 612GB. Síídì orin bàbá wa 300 tí mo kó sínú kọ̀ǹpútà láìgé ohùn wọn kù gba bíi 105GB.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.7TB. A ń fi bíi 300GB kún un lọ́dọọdún, nítorí náà lẹ́yìn ọdún márùn-ún á ti tó 3.2TB. 4TB ló bá wa mu. Tí ẹ bá ra 4TB, tí Windows wá sọ fún yín pé 3.63TB ni, ẹ má pe ẹni tó tà á ní olè. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ń ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, Windows sì ń fi 1024 pín in. Iye kan náà ni.

Tí ti yín ò bá ju 200GB lọ, ọ̀rọ̀ owó tí mo fẹ́ sọ yìí ò ní dun yín tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àpótí àti ọ̀rọ̀ ẹ̀dà kàn yín bó ṣe kàn wá.

Ohun tó wà nínú wọn

Háàdì ní àwo, ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n fi èròjà òòfà kùn. Àwo yìí ń yí bíi ìgbà 5400 tàbí 7200 ní ìṣẹ́jú kan, orí kékeré kan sì ń rábàbà lókè rẹ̀ láìfara kàn án, ó ń kà, ó ń kọ. SSD kò ní ohun tó ń yí. Àìmọye yàrá tíntìntín ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n há iná mọ́. Iye iná tó wà nínú yàrá kan ni SSD ń wò láti mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ibi tí ọ̀kan ti ń lo òòfà tí èkejì ń há iná mọ́lé ni gbogbo ìyàtọ̀ ti ṣẹ̀ wá.

| Ohun tí à ń wò | Háàdì alágbèéká | SSD alágbèéká |
|---|---|---|
| Owó 4TB | Ó rọjú | Ó ju ìlọ́po méjì lọ dáadáa |
| Eré lórí USB 3 | Bíi 110MB ní ìṣẹ́jú àáyá | Bíi 450MB ní ìṣẹ́jú àáyá |
| Tó bá ṣubú nígbà tó ń ṣiṣẹ́ | Ó lè parí rẹ̀ | Kì í sábà ṣe é ní nǹkan |
| Kó tó bàjẹ́ | Ó sábà máa ń kìlọ̀ | Ó lè lọ lójijì |
| Ọdún méjì nínú àpótí láìsí iná | Òòfà rẹ̀ ò ní kúrò | Kò dá mi lójú |

Eré

Eré ni gbogbo èèyàn fi ń polówó SSD, bẹ́ẹ̀ òun ló já mọ́ nǹkan kékeré jù fún iṣẹ́ tiwa. Fídíò 4K tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ò béèrè ju bíi 2.8MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó lè máa lọ geere lójú tẹlifíṣọ̀n. Háàdì ń gbé 110MB. Ẹni tó bá ń wo ìgbéyàwó rẹ̀ lórí háàdì àti ẹni tó ń wo ti tirẹ̀ lórí SSD, kò sẹ́ni tó máa mọ ìyàtọ̀.

Ibi tí eré ti ṣe pàtàkì ni nígbà tí ẹ bá ń gé fídíò, tí ẹ bá ń yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò wò lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí ẹ bá ń kó gbogbo ẹrù láti ibì kan sí ibòmíì. 1.7TB wa gba bíi wákàtí mẹ́rin àti ogún ìṣẹ́jú láti wọ inú háàdì, àwọn fọ́tò kéékèèké sì tún fà á sẹ́yìn díẹ̀. Lórí SSD tó dáa, ó lè gba bíi wákàtí kan péré.

Mo ní "tó dáa" nítorí pé oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní QLC, tó ń há ìwọ̀n iná mẹ́rìndínlógún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú yàrá kan ṣoṣo kí ó lè dínwó. Ó ní ibì kan nínú rẹ̀ tó yára, níbi tó ti ń kọ́kọ́ gba àlejò. Tí ibẹ̀ bá kún, eré rẹ̀ lè já wálẹ̀ dé ti háàdì tàbí kó tiẹ̀ rẹlẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tó bá ń kó 50GB ò ní rí i láé. Ẹni tó bá ń kó 1.7TB á rí i dájú.

Ẹ sì wo kébù yín. Ọ̀pọ̀ kébù USB-C tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù ò lè ju eré USB 2 lọ, ìyẹn bíi 35MB. Mo fi irú rẹ̀ kó ẹrù sórí SSD lẹ́ẹ̀kan, mo sì jókòó bú SSD fún bíi wákàtí méjì kí n tó mọ̀ pé kébù ni mo ń bá jà.

Bí wọ́n ṣe ń kú

Háàdì sábà máa ń ṣàìsàn kó tó kú. Ti 2TB mi àtijọ́, lẹ́yìn ọdún kẹfà, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra nígbà tí mo bá ṣí fódà kan báyìí. Kò sí ariwo kankan. Mo lo àṣẹ yìí láti bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é:

```
sudo smartctl -a /dev/sdb
```

Tí ó bá jẹ́ Windows ni ẹ ń lò, CrystalDiskInfo á fi ohun kan náà hàn yín. Ìlà mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Nọ́ńbà 5, `Reallocated_Sector_Ct`, ni iye ibi tó ti bàjẹ́ tí háàdì ti fi òmíì rọ́pò. Nọ́ńbà 197, `Current_Pending_Sector`, ni ibi tí kò lè kà dáadáa tó ṣì ń ṣiyèméjì lé lórí. Nọ́ńbà 198 jẹ́ ibi tó gbìyànjú tí kò ṣeé kà mọ́. Ó yẹ kí iye tó wà níparí àwọn ìlà wọ̀nyí, lábẹ́ `RAW_VALUE`, jẹ́ òdo. Lórí ti tèmi, 197 jẹ́ 8. Lọ́sẹ̀ kejì ó di 40. Òdo tó di 8 tó sì dúró síbẹ̀ lè má jẹ́ ìparun, àmọ́ èyí tó ń pọ̀ sí i ti di ìlú tí iná ń jó.

Ohun tí mo ṣe ni pé mi ò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́, mi ò tún un ṣe, mi ò fi ètò kankan "wẹ̀ ẹ́ mọ́". Ohun tí a ò lè rí mọ́ láyé ni mo kọ́kọ́ kó jáde, ìsìnkú ìyá àgbà ló ṣíwájú, orin ló kẹ́yìn. Fídíò mẹ́ta ló kọ̀ tí kò jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kẹ́-kẹ́-kẹ́ ni, ìyẹn ni pé orí rẹ̀ ti ń ṣìnà, ó yẹ kí n yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tan háàdì tó ń dún báyìí ni orí yẹn lè máa ha àwo.

Tí ìlà tó ń pọ̀ sí i bá jẹ́ 199, `UDMA_CRC_Error_Count`, ẹ fara balẹ̀. Kébù tí kò dáa tàbí tí kò wọ ihò rẹ̀ dáadáa ló sábà máa ń fà á. Ẹ pààrọ̀ kébù kí ẹ tó pààrọ̀ háàdì.

Ti SSD ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tan láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kọ̀ǹpútà ní òun ò rí ohun ìpamọ́ kankan. Lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, ó ṣiṣẹ́ bí àná. Ṣíìpù tó ń darí àwọn yàrá iná wọ̀nyẹn ló sábà máa ń ta téru nípàá báyìí, òun nìkan ló sì mọ àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n kó ohun kọ̀ọ̀kan sí. Àwọn yàrá náà lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ èwo ló ṣíwájú èwo.

Ọ̀nà kejì tí SSD fi burú ju háàdì lọ ni ìparẹ́. Tí ọmọdé bá ṣèèṣì pa fódà kan rẹ́ lórí háàdì, ohun tó wà níbẹ̀ ò tíì lọ títí òmíì á fi gùn ún, ètò bíi PhotoRec sì lè rí i gbà padà. Lórí SSD inú kọ̀ǹpútà, àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní TRIM máa ń sọ fún un pé kó gbá ibẹ̀ mọ́, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tó bá lọ ti lọ nìyẹn.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé SSD máa ń gbó bí èèyàn bá ń kọ nǹkan sí i. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ìṣòro wa. SSD 1TB tó wọ́pọ̀ máa ń ṣèlérí 600TB kíkọ. Bí a ṣe ń fi 300GB kún tiwa lọ́dún, ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ló máa gbà.

Àpótí, ooru, àti iná tó ń jò

Ibi tí mo ti yà kúrò nínú ọ̀rọ̀ àbúrò mi nìyí. Iná tí wọ́n há mọ́ inú SSD ń jò díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná tó ń wọ inú rẹ̀. Bí ibi tó wà bá ṣe gbóná sí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe yára jò sí. Ìlànà JEDEC, ẹgbẹ́ tó ń fìdí òṣùwọ̀n irú nǹkan wọ̀nyí múlẹ̀, béèrè pé SSD tí àwa èèyàn lásán ń lò gbọ́dọ̀ lè di ohun inú rẹ̀ mú fún ọdún kan láìsí iná, ní ibi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 30°C, lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó dé òpin ìlérí rẹ̀. Ẹ fiyè sí i pé ti èyí tó ti gbó pátápátá ni wọ́n ń sọ. SSD tuntun tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àmọ́ 30°C ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ẹ sì mọ bí yàrá tí wọ́n ti fèrèsé ṣe máa ń rí n'Ìbàdàn lóṣù Ẹrẹ́nà, ká má tiẹ̀ sọ ti àpótí ẹ̀yìn mọ́tò.

Àwọn kan á ní kí ẹ kàn máa fi í sí iná lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìṣẹ́jú méjì nínú iná ò ṣe nǹkan kan fún un. Ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka gbogbo fáìlì tó wà lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ṣíìpù inú rẹ̀ lè rí àwọn tó ti ń rẹ̀ kó sì tún wọn kọ. Èyí tó tún dájú jù ni pé kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ kó sí i lákọ̀tun.

Òòfà háàdì ò ní irú ìyọnu yìí. Ọ̀tá tirẹ̀ nínú àpótí ni ọ̀rinrin àti kí apá tó ń yí gan mọ́ra. Mo máa ń fi tèmi sínú ọ̀rá tó ṣeé dé pinpin, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó ń fa omi tí wọ́n máa ń bá inú páálí bàtà, mo sì ń jẹ́ kó yí, ó kéré tán, ìgbà méjì lọ́dún. Kásẹ́ẹ̀tì àtilẹ̀wá bàbá wa náà ò kúrò nílé. Ẹ̀dà kan ni wọ́n jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kámẹ́rà tó lè kà wọ́n ti ń ṣọ̀wọ́n.

Iná NẸ́PÀ

Háàdì ńlá orí tábìlì, èyí tó gbòòrò ní ínṣì 3.5, ń wá pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń so ó mọ́ iná ògiri. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ó kú lójú ẹsẹ̀, bí láàpútọ́ọ̀pù bá tilẹ̀ ṣì ń tàn. Orí rẹ̀ á sáré padà sí ibùsùn rẹ̀, wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀, àmọ́ fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ á dojú rú. Tí ó bá wá jẹ́ ìlànà ìtò fáìlì tí wọ́n ń pè ní exFAT ni wọ́n fi tò ó, bí ọ̀pọ̀ èyí tó ń bá Mac àti Windows ṣiṣẹ́ pọ̀ ṣe rí, kò ní ìwé àkọsílẹ̀ tó lè fi tún ara rẹ̀ tò bíi NTFS tàbí ext4.

Háàdì kékeré, ti ínṣì 2.5, ń gba iná láti ara láàpútọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀. Tí NẸ́PÀ bá lọ, bátìrì láàpútọ́ọ̀pù á gbé e, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi yan kékeré fún ilé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ńlá ló dínwó jù fún TB kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní ìnfátà tó dáa lè yàn bó ṣe wù ú.

Ohun méjì ni kékeré yìí fi jìyà. Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ SMR: wọ́n kọ ìlà lé ara wọn bí páànù òrùlé ṣe ń gun ara wọn léjìká, kí ọ̀pọ̀ lè gba ibi kékeré. Tí ẹ bá fẹ́ yí ìlà kan padà, ó di dandan kí ó tún àwọn tó wà lórí rẹ̀ kọ. Fún ibi tí a ti ń kọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń kà á lọ́pọ̀ ìgbà, kò burú. Ẹ má kàn lò ó nínú NAS, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń kó háàdì mélòó kan jọ sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé. CMR, tí ìlà rẹ̀ ò gun ara wọn, ni ẹ fi síbẹ̀. Ìkejì, nínú ọ̀pọ̀ wọn, ihò USB ti lẹ̀ mọ́ pátákó háàdì náà gan-an. Tí ẹ bá fi ìbínú fa kébù tí ihò náà fi ṣẹ́, ẹ ò lè yọ háàdì inú rẹ̀ kí ẹ fi sínú páálí míì.

Ọjà

Ní Ìkẹjà, wọ́n gbé ohun kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó rí minijọ. "Ọ̀gá mi, SSD 16TB nìyí o, ẹ mú owó wá." Owó tó dá lé e ò tó ti 1TB gidi. Mo dá a padà. Ohun tó sábà máa ń wà nínú irú rẹ̀ ni káàdì mẹ́mórì fóònù kan tí wọ́n kọ́ láti parọ́. Ó máa ń gba 64GB àkọ́kọ́ dáadáa, lẹ́yìn náà ó ń kọ tuntun lé àtijọ́ lórí, orúkọ fáìlì á wà, àmọ́ tí ẹ bá ṣí i, kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ohunkóhun tí ẹ bá rà, kí ẹ tó fi ẹrù ilé kankan sí i, ẹ kún un dé ẹnu kí ẹ sì kà á padà. Lórí Windows, H2testw ló ń ṣe é. Lórí Linux àti Mac, níbi tí Mac ti ń lo `/Volumes` dípò `/mnt`:

```
f3write /mnt/tuntun
f3read /mnt/tuntun
```

Háàdì 4TB lè gba wákàtí mẹ́wàá lọ sókè fún kíkọ, kó sì tún gbà tó bẹ́ẹ̀ fún kíkà. Ẹ jẹ́ kó gbà á. Ó ń tú ayédèrú fó, ó sì ń tú ojúlówó tó ti ń ṣàìsàn láti ilé-iṣẹ́ fó nígbà tí ẹ ṣì lè dá a padà.

Owó kan náà: SSD kan, àbí háàdì mẹ́ta?

Owó tí wọ́n ní kí n mú wá fún SSD 4TB kan lọ́jọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó háàdì alágbèéká 4TB mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tán lójú tèmi. SSD tó dáa jù láyé, tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, olè kan ṣoṣo ló ń dúró dè. Backblaze, ilé-iṣẹ́ ará Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú fáìlì àwọn èèyàn, ti ń tẹ ìròyìn háàdì wọn jáde láti 2013, iye tó ń bàjẹ́ sì sábà máa ń jẹ́ bíi ẹyọ kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ilé wọn tutù ju tiwa lọ, ká ní tiwa tiẹ̀ burú ní ìlọ́po mẹ́ta. Kí mẹ́ta tó wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bàjẹ́ nínú oṣù kan náà ṣì ṣòro gan-an.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. SSD 1TB kan wà lára láàpútọ́ọ̀pù mi. Ibẹ̀ ni fọ́tò àti fídíò ọdún yìí ń kọ́kọ́ dé, ibẹ̀ ni mo ti ń gé wọn. Háàdì kìíní ni ìyá ẹrù, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Háàdì kejì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá míì, kì í sí lára iná àfi lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹ̀kẹta wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Òṣogbo. Mo rà wọ́n láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ méjì, kí àṣìṣe ilé-iṣẹ́ kan má bàa kó gbogbo wọn lọ. Òfin 3-2-1 tí ayafọ́tò Peter Krogh sọ di mímọ̀ náà nìyí: ẹ̀dà mẹ́ta, oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan má sí nílé. Ẹrù tuntun ló wà lórí oríṣi méjì ní tiwa. Ti àtijọ́ wà lórí háàdì nìkan, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì nínú àpótí, mo sì fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Bí íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín bá ń gbé 10 mẹ́gábíìtì sókè ní ìṣẹ́jú àáyá, 1.7TB á gba bí ọjọ́ 16 láìdákẹ́ tọ̀sán-tòru, ẹ sì mọ iye dátà. Fọ́tò nìkan, 192GB, kò tó ọjọ́ méjì. Fọ́tò nìkan la gbé lọ.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, mo máa ń so kìíní àti kejì mọ́ láàpútọ́ọ̀pù, n ó sì pa àṣẹ yìí:

```
rsync -av --delete --backup \
  --backup-dir=/mnt/ile2/Ti-a-yo/$(date +%Y-%m) \
  /mnt/ile1/Ipamo/ /mnt/ile2/Ipamo/
```

Ẹ wo ìlà kejì dáadáa. `--delete` nìkan á mú kí ohun tí ẹnì kan ṣèèṣì pa rẹ́ lórí kìíní tún parẹ́ lórí kejì. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́kún nìyẹn: wọ́n rò pé àwọn ní ẹ̀dà méjì, bẹ́ẹ̀ dígí ni wọ́n ní. `--backup-dir` ń kó ohun tí ì bá parẹ́ sínú fódà oṣù náà. Mo máa ń yẹ fódà yẹn wò. Tí mo bá rí ẹgbẹ̀rún fọ́tò níbẹ̀ nígbà tí mi ò pa ju mẹ́wàá lọ, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ìdí kan náà ni RAID tó ń kọ nǹkan kan sórí háàdì méjì lẹ́ẹ̀kan ò fi lè dípò ẹ̀dà: ohun tó bá parẹ́ níhìn-ín ti parẹ́ lọ́hùn-ún.

Háàdì tún lè ṣẹ̀tàn jẹ́jẹ́, kí fáìlì wà kí inú rẹ̀ sì ti yí padà. Nítorí náà, mo kọ àmì ìdánimọ̀ gbogbo fáìlì sínú ìwé kan lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kó wọn débẹ̀, mo sì ń fi í yẹ̀ wọ́n wò kí n tó tún un kọ nígbà tí ẹrù tuntun bá wọlé:

```
find . -type f ! -name akojo.sha256 -exec sha256sum {} + > akojo.sha256
sha256sum -c --quiet akojo.sha256
```

Àṣẹ kejì ò ní sọ ohunkóhun tí gbogbo rẹ̀ bá pé. Tó bá dárúkọ fáìlì kan, ẹ má kó o lọ sórí òmíì. Láti orí háàdì tí tirẹ̀ ṣì dára ni kí ẹ ti mú un padà.

Ní Iléyá àti Kérésì, háàdì kejì ń bá mi lọ sí Òṣogbo, mo sì ń gbé ti ibẹ̀ bọ̀. Iléyá ń fi bí ọjọ́ 11 tètè dé sí i lọ́dọọdún, nítorí náà lọ́jọ́ kan a máa ní láti wá ọjọ́ míì, ṣùgbọ́n fún báyìí ó ń pín ọdún sí méjì dáadáa. Nínú báàgì, mo máa ń fi aṣọ wé e, mi ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn án nínú mọ́tò.

Kí n tó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, àbúrò mi ló ń mú fáìlì mẹ́ta bó ṣe wù ú, a ó sì ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kì í ṣe lórí tèmi. Lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ̀ láti ka háàdì náà rárá, nítorí pé ext4 ni mo fi tò ó, Windows ni tirẹ̀. Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ ò bá sí ńlé ńkọ́?" Mo gbé e padà sí Ìbàdàn, mo tò ó sí NTFS, mo sì tún ẹrù náà kó. Wákàtí márùn-ún ló gbà mí.